Bí ẹ ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó oníṣẹ́jú mẹ́rin lórí «Ìfẹ́ a máa mú sùúrù»

Ìbéèrè kan ń padà wá ṣáá: «Wọ́n ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo fẹ́ lo ẹsẹ Bíbélì tó sọ pé ìfẹ́ a máa mú sùúrù. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di ìwàásù?»

Ìdáhùn kúkúrú nìyí. Ẹ mọ ibi tí ẹsẹ náà ti wá, ẹ lo ìdajì rẹ̀ péré, ẹ mú ohun kan tí ẹ fojú yín rí lára tọkọtaya náà wá, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ohun kan, kí ẹ sì jókòó. Àlàyé gígùn ló wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹsẹ náà ti wá

1 Kọ́ríńtì 13:4 ni. Bó ṣe wà nínú Bíbélì Mímọ́ tí a ti ń kà láti ìgbà àwọn bàbá wa nìyí, ní àkọtọ́ tòde òní:

> Ìfẹ́ a máa mú sùúrù, a sì máa ṣeun. Ìfẹ́ kì í ṣe ìlara. Ìfẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ìgbéraga, kì í fẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, torí pé ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Kò sí ìyàwó kankan ní orí 13. Orí 7 ni Pọ́ọ̀lù ti dáhùn ìbéèrè àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Nígbà tó fi máa dé orí 13, ìjà ló ń là.

Ìlú oníṣòwò láàárín èbúté méjì ni Kọ́ríńtì, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì 18:11 sọ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni Pọ́ọ̀lù fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, àwọn ará ilé Kilóè mú ìròyìn bá a pé ìjà ti wà láàárín ìjọ. Éfésù ló wà tó fi kọ lẹ́tà yìí sí wọn, ní nǹkan bí ọdún 53 sí 55 lẹ́yìn Kristi.

Tí ẹ bá ka lẹ́tà náà láti orí kìíní, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń jà lé. Ní orí 1, àwọn kan ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù ni àwọn, àwọn kan ní ti Àpólò. Ní orí 6, ará ń gbé ará lọ sí kóòtù. Ní orí 8, àwọn tó gbà pé àwọn ní ìmọ̀ ń fojú di àwọn tí kò ní in. Orí 11 ló sún mọ́ wa jù lọ níbi àsè: tí wọ́n bá pé jọ láti jẹun, àwọn kan á ti jẹ, wọ́n á ti mu yó, nígbà tí ebi ṣì ń pa àwọn mìíràn. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ní orí 12 àti 14, ìdíje lórí ẹ̀bùn ẹ̀mí ni, pàápàá fífi èdè fọ̀. Àárín méjèèjì ni orí 13 wà.

Ẹ wá padà ka ẹsẹ náà. «Kì í ṣe ìlara»: orí 3 ti bá wọn wí pé owú àti ìjà wà láàárín wọn. «Kì í fẹ̀»: orí 8 ti sọ fún wọn pé ìmọ̀ a máa fẹ̀, pé ìfẹ́ ló ń gbé ni ró. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní ìfẹ́ kì í ṣe gan-an ni àwọn ará Kọ́ríńtì ń ṣe. Ìbáwí ni ẹsẹ yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ dídùn. Ó bá àwọn tó ti ṣẹ ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ jọ wà.

Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ yín wà nìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, inú tọkọtaya dùn síra wọn. Sùúrù ò tíì nira. Ẹsẹ náà ń dúró dè wọ́n ní ọjọ́ mìíràn.

### Ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kó yé yín dáadáa

Mú sùúrù. Nínú èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni, tí wọ́n fi «gígùn» àti «ìbínú» so pọ̀: ẹni tí ìbínú rẹ̀ jìnnà, tó pẹ́ kó tó dé. Sùúrù pẹ̀lú *èèyàn* ni, pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹrú onígbèsè inú Mátíù 18 lò nígbà tó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó mú sùúrù fún òun. Ìfaradà ìṣòro, bí àìríṣẹ́ tàbí àìsàn, ẹsẹ 7 ló wà, níbi tí Bíbélì Yorùbá ti lo «fàyàrán». Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Tí àpẹẹrẹ yín bá jẹ́ ti owó ilé tí wọn kò rí san fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ 7 ni ẹ ń wá, kì í ṣe ẹsẹ 4.

Ṣeun. Àwọn kan máa ń kà á kọjá bí ẹni pé «dúpẹ́» ló sọ. Ẹni tó ṣeun ni ẹni tó ṣe oore; ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún un pé «ẹ ṣeun». Pọ́ọ̀lù so ó mọ́ sùúrù nítorí pé sùúrù tí kò ní oore nínú lè jẹ́ ìbínú tó dákẹ́. Ọkọ tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kò mú sùúrù. Ó yodì ni.

Bíbélì Yorùbá tún ṣe wá lóore níbí. Kò sọ pé ìfẹ́ *jẹ́* onísùúrù. Ó ní «a máa»: ìṣe ni, tí à ń ṣe lónìí, tí a ó tún ṣe lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ìṣe ni gbogbo wọn. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ yín, ohun tí èèyàn *ṣe* ni kí ẹ sọ. «Ọkọ yìí jẹ́ onísùúrù» kò tó.

## Kí ẹ tó mú bírò

Ẹ pe ẹni tó ń ṣètò ayẹyẹ náà, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta:

- Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún mi? Tí wọ́n bá ní márùn-ún, ẹ kọ ti mẹ́rin. Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́ àti «Àmín» á gba ìyókù.
- Ṣé ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Tí oúnjẹ bá ti ń lọ káàkiri, ariwo abọ́ àti ti àwọn tó ń gbé e máa pọ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ gbólóhùn gígùn. Ẹ gé e kúrú.
- Ṣé ògbufọ̀ wà? Tí ẹnì kan bá máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlejò, àkókò á di ìlọ́po méjì. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fún ògbufọ̀ ní ẹ̀dà kan ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ tún wádìí bóyá ẹlòmíràn máa lo ẹsẹ kan náà. Pásítọ̀ tó máa wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi. Tó bá jẹ́ pé òun náà máa lò ó, ẹ kò nílò láti yí padà. Apá ìtàn Kọ́ríńtì ni kí ẹ dojú kọ, pàápàá ti oúnjẹ, torí ìwọ̀nba ni wàásù ìgbéyàwó tó máa ń fọwọ́ kàn án.

## Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

1. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí òkè ìwé. Gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí tọkọtaya náà rántí lẹ́yìn ọdún kan ni. Fún àpẹẹrẹ: *Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣẹ ara yín, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì ṣe oore kékeré kan.* Ohunkóhun tí kò bá ran gbólóhùn yìí lọ́wọ́, kó bọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

2. Ẹ wá àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ gidi wà níbí, ó sì lè gba ọjọ́ méjì. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí dán an wò:

- Ṣé èmi fúnra mi ló ṣojú mi, àbí wọ́n sọ ọ́ fún mi ni?
- Ṣé èèyàn ni wọ́n mú sùúrù fún, kì í ṣe ìṣòro lásán?
- Ṣé mo lè sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin?
- Ṣé ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó lè gbọ́ ọ láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni?

Tó bá kùnà nínú ìbéèrè kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Olólùfẹ́ àtijọ́, owó tí wọ́n yá, ìjà àárín ẹbí, oyún àti àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ àpẹẹrẹ náà fún tọkọtaya náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó. Mo mọ̀ pé èyí á gba àyè, ṣùgbọ́n ẹ má yẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ sùúrù ọkọ nìkan lẹ sọ, ó máa dà bíi pé ìyàwó nira láti bá gbé. Tó bá sì jẹ́ ti ìyàwó nìkan, ó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó máa gbà á mọ́ra.

3. Ẹ kọ ìtàn Kọ́ríńtì ní gbólóhùn mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ mú ìjà kan péré nínú gbogbo èyí tí mo kà sókè. Ti oúnjẹ ló dára jù níbi àsè, torí pé gbogbo ẹni tó jókòó mọ bó ṣe ń rí kí oúnjẹ máà tíì dé tábìlì ẹni. Ẹ má dárúkọ Éfésù, ẹ má dárúkọ ọdún. Ẹ̀yin ni ẹ nílò láti mọ̀ ọ́n.

4. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ohun kan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n lè ṣe nínú ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán. «Ẹ máa fẹ́ràn ara yín» kì í ṣe irú rẹ̀. «Ẹ má yodì, kí ẹni tí inú ń bí gbé omi fún ẹnì kejì» ni irú rẹ̀.

5. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó kọ ìkíni àti àdúrà. Tí ẹ bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ kíkọ, ó máa gùn, torí òun ló rọrùn jù. Ìkíni kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ìṣẹ́jú: alága, àwọn òbí ìhà méjèèjì, ẹni tí ẹ jẹ́ sí tọkọtaya, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má pe orúkọ oyè ẹnì kan tí ẹ kò bá ní pe gbogbo wọn. Ẹni tí ẹ fò á rántí.

Àdúrà, gbólóhùn kan tàbí méjì, kó sì ti inú ẹsẹ náà jáde. Ẹ fi àdúrà ọmọ sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n máa gbàdúrà. Wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

6. Ẹ kà á sókè, kí ẹ wo aago. Bó ṣe yẹ kí àkókò pín nìyí:

- Ìkíni: ìṣẹ́jú àáyá 30
- Ẹsẹ náà: 15
- Ìtàn Kọ́ríńtì: 45
- Àpẹẹrẹ méjèèjì: 60
- Ẹ̀bẹ̀: 30
- Àdúrà: 20

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Tó bá kọjá mẹ́rin nígbà tí ẹ dá nìkan ń kà á, ẹ gé ìtàn Kọ́ríńtì tàbí ìkíni. Ẹ má fọwọ́ kan àpẹẹrẹ.

## Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ níbi àsè, ní ọ̀sán, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ohun tí ojú yín rí rọ́pò apá kẹrin. Ẹ má yá eléyìí lò.

> Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí wa lọ́tùn-ún lósì, mo júbà. Alága wa, mo tọrọ gáfárà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni mí. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ. Ire á kárí.
>
> Ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá. Inú 1 Kọ́ríńtì 13, ẹsẹ 4, ló wà: «Ìfẹ́ a máa mú sùúrù, a sì máa ṣeun.»
>
> Àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí kì í ṣe ọkọ àti ìyàwó. Ará ìjọ kan ni wọ́n, wọ́n sì ń bára wọn jà. Tí wọ́n bá pé jọ láti jẹun, àwọn kan á ti jẹ, wọ́n á ti mu yó, ebi á sì máa pa àwọn mìíràn. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ẹ̀yin tí oúnjẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ti ṣẹ ara wọn báyìí ló kọ ọ́ sí pé ìfẹ́ a máa mú sùúrù.
>
> Mo ti rí i lára ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí àna wa ń kọ́ àbúrò mi ní mọ́tò, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lórí òkè kan ṣoṣo. Mo jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni àna wa sọ pé, «Kò burú, tún un bẹ̀rẹ̀,» ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Àbúrò mi náà ńkọ́? Ẹ mọ àna wa, kò sí àgbàlagbà tó máa bá pàdé lọ́nà tí kò ní dọ̀bálẹ̀ kí, kó sì béèrè gbogbo ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di wákàtí kan. Àbúrò mi á dúró, á gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, òun náà á sì kúnlẹ̀ kí wọn.
>
> Ẹ ṣàkíyèsí pé kò kàn dúró. Ó gba ẹrù. Bíbélì ní «a sì máa ṣeun».
>
> Nítorí náà, ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún, ọkọ bí ìyàwó. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa ṣẹ ara yín. Lọ́jọ́ náà, ẹ má yodì. Kí ẹni tí inú ń bí dúró díẹ̀, kí ó sì ṣe oore kékeré kan fún ẹnì kejì kí ilẹ̀ tó ṣú: kó gbé omi fún un, kó bá a gba ẹrù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ̀rọ̀.
>
> Ọlọ́run tó ń mú sùúrù fún gbogbo wa, kó fi sùúrù àti oore sínú ilé yín. Ẹ ṣeun.

Ẹ wo bí àpẹẹrẹ méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti ọkọ jẹ́ sùúrù pẹ̀lú àṣìṣe tó ń padà wá. Ti ìyàwó jẹ́ sùúrù pẹ̀lú ìwà tí kò ní yí padà, tó sì jẹ́ ìwà tó dára pàápàá. Ẹrù tó gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni afárá tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé «a sì máa ṣeun». Ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn náà padà sórí ẹrù yẹn, kí àwọn tó ń gbọ́ má bàa wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Tí olùsọ̀rọ̀ bá kéré lọ́jọ́ orí, tó sì fẹ́ pa òwe kan, kó fi «tótó, ó ṣe bí òwe» tì í lẹ́yìn níwájú àwọn àgbà. Òwe kan tó. Tí ẹ bá fi òwe mẹ́ta nípa sùúrù yí ẹsẹ náà ká, òwe ni wọ́n máa rántí, kì í ṣe ẹsẹ náà.

## Kíka ẹsẹ náà sókè

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, torí pé àkọtọ́ àtijọ́ nínú Bíbélì kì í fi gbogbo àmì ohùn hàn. «Ifẹ a mã mu suru, a si mã ṣeun» ni ẹ máa rí níbẹ̀. «Mã» ni a ń pè ní «máa».

- Ẹ má fo «a» kékeré tó wà lẹ́yìn «ìfẹ́». Tí ẹ bá kà á ní «Ìfẹ́ máa mú sùúrù», ó di àṣẹ tí ẹ ń pa fún ìfẹ́. «Ìfẹ́ a máa mú sùúrù» sọ ohun tí ìfẹ́ ń ṣe nígbà gbogbo.
- «Kì í fẹ̀», ohùn ìsàlẹ̀ ni, bí ohun tí afẹ́fẹ́ kún tó wá ń wú. Tí ẹ bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, ẹ ti sọ pé ìfẹ́ kì í fẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti dàrú níwájú ìyàwó. Ìdí mìíràn tí mo fi ní kí ẹ dúró sí «ṣeun» nìyí.
- Ẹ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn «sùúrù». Tí ẹ kò bá sinmi, «ṣeun» á bọ́ sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ẹ fẹ́ padà sí.

Ẹ fọwọ́ kọ ẹsẹ náà sórí ìwé yín pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ẹ má ka tinú fóònù: ojú rẹ̀ lè ṣú, ìpè lè wọlé, ìwé tó nípọn díẹ̀ kò sì ní máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín.

## Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́

Kíka orí 13 tán. Ẹsẹ mẹ́tàlá ni. Bí ẹ bá fi máa dé ẹsẹ 8, àwọn èèyàn á ti padà sórí ọ̀rọ̀ ara wọn, ẹ kò sì tíì sọ tiyín.

Yíyí orúkọ ìyàwó sínú ẹsẹ. Àwọn kan máa ń fi orúkọ tọkọtaya rọ́pò «ìfẹ́»: Lágbájá a máa mú sùúrù, Lágbájá kì í ṣe ìlara. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó sọ ìbáwí di oríkì. Ẹni tó mọ ìyàwó dáadáa á sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ.

Dídojú sùúrù kọ ìyàwó nìkan. Èyí ló burú jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Níbi ayẹyẹ wa, ojú ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń wò tí wọ́n bá ń sọ nípa sùúrù. Tí ẹnì kan bá ti ń fìyà jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níwájú gbogbo ẹbí lè di ohun tí wọ́n á fi tì í padà síbẹ̀. Ẹsẹ náà kò gbà wá láyè fún ìyẹn. Ẹsẹ 5, tó tẹ̀ lé e, ní ìfẹ́ kì í hùwà àìtọ́; ẹsẹ 6 ní kì í yọ̀ sí àìṣòdodo. Sùúrù tí Pọ́ọ̀lù ń sọ jẹ́ ti ẹni tó ń ká ìbínú ara rẹ̀ kò, nítorí náà ẹni tó ń lu aya rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ náà ń bá wí. Ẹ sọ «ọkọ bí ìyàwó» ketekete, kí ẹ sì wo ojú àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá mọ̀ pé ìyà ti ń wà láàárín wọn ṣáájú ìgbéyàwó, ẹ má lo ẹsẹ yìí rárá. Ẹ bá ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kí ọjọ́ náà tó pé.

Mímú ọ̀rọ̀ wúwo jù. Ìbáwí ni ẹsẹ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò wá bá ẹnikẹ́ni wí lónìí. Gbólóhùn kan, «Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa ṣẹ ara yín», ti tó. Ẹ má to ìṣòro ìgbéyàwó lẹ́sẹẹsẹ.

Títún un sọ nígbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ máa ń mú kí èèyàn fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀, ẹ má sọ ọ́.

## Tí ipò yín bá yàtọ̀

*Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ ni yín,* ẹ lè rẹ́rìn-ín jù ẹ̀gbọ́n lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní àṣẹ láti gba ọkọ níyànjú bí àgbà. Ẹ yí ẹ̀bẹ̀ padà sí ìlérí: «Tí mo bá rí i pé o yodì, èmi ni màá kọ́kọ́ rán ọ létí omi.»

*Tó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá ni yín,* ìtàn Kọ́ríńtì lè bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ka ẹsẹ náà, ẹ sọ ohun kan tí ẹ rí lára ọmọ yín, ẹ súre. Ìṣẹ́jú méjì ti tó.

*Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni,* alága ìjókòó àti alága ìdúró ló ni ètò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àyè wà, kí ẹ sì retí pé wọ́n lè fi orin já yín lẹ́nu. Ẹ gé ọ̀rọ̀ yín sí ẹsẹ, àpẹẹrẹ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti àdúrà.

*Tí ẹbí kan bá jẹ́ Mùsùlùmí,* ẹ ka Bíbélì yín láìsí àlàyé ẹ̀sìn, kí àpẹẹrẹ gbé e. Tó bá jẹ́ yìgì ni, àyọkà tó sún mọ́ ọn ni Kùránì 4:19. Ó pàṣẹ fún àwọn ọkọ pé kí wọ́n fi dáadáa bá àwọn aya wọn gbé, ó sì ní bí wọ́n bá tilẹ̀ kórìíra wọn, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n kórìíra ni Ọlọ́hun fi oore púpọ̀ sí. Òun náà ní ohun tó yí i ká: ẹsẹ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkọ̀ fún wọn láti máa jogún obìnrin tipátipá. Ẹ bi Álífà tó máa so yìgì kí ẹ tó lò ó.

*Tí tọkọtaya náà bá ti ní ọmọ tàbí tí wọ́n ti dàgbà,* Kólósè 3:12-14 lè bá wọn mu jù, torí pé ó so sùúrù mọ́ ìdáríjì.

## Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà

- Ẹ̀dà ìwé méjì, ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín.
- Orúkọ alága àti bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ bi ọmọ rẹ̀ kan, ẹ má rò ó.
- Ẹ rí olùdarí ètò sójú, kó mọ ibi tí ẹ jókòó sí.
- Tí gbohùngbohùn bá wọlé sọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, ẹ má fi ìka lù ú. Ẹ sọ «Mo tọrọ gáfárà», ẹ dúró títí àwọn tábìlì ẹ̀yìn fi máa dákẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
- Tí wọ́n bá ní àkókò ti lọ, pé ìṣẹ́jú kan ló kù: ẹsẹ náà, àpẹẹrẹ méjèèjì ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀, kí ẹ jókòó.